Ìbéèrè 47 fún ìyá aláṣọ kan: èwo ni kí n gé kúrò?

Àrẹ̀mú_Onítàn
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa kan là ń kó ìtàn àwọn àgbà jọ, a ó gba ohùn wọn sílẹ̀, a ó wá kó gbogbo ẹ̀ fún láíbìrì kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa gbọ́ ọ. Ẹni tó kàn mí ni màmá kan tó ti lé lẹ́ni 70 ọdún, aṣọ ni wọ́n ń tà láti kékeré, ọmọ wọn ló wà ní ìsọ̀ báyìí àmọ́ àwọn náà ṣì máa ń lọ jókòó níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á gbà mí láàyè wákàtí kan àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá jókòó kọ ìbéèrè, ó di 47, ọ̀kan nínú wa wò ó ó ní ó jọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún èèyàn kọ ní báńkì. Ẹ wo díẹ̀ nínú ẹ̀:

Ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ òwò aṣọ?
Ṣé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín?
Kí ló dé tẹ́ ò fi lọ síléèwé?
Ṣé ọjà tà láyé ìgbà yẹn ju ti ìsìnyí lọ?
Èló lèrè yín máa ń jẹ́ lóṣù?
Báwo lọjà ṣe yí padà, ta ló ń ṣolórí ọjà nígbà yẹn, kí sì nìjọba ṣe fún yín?

Èwo ni kí n yọ? Ẹ̀ẹ̀kejì, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kàn lẹ́yìn màmá yìí. Ṣé mo lè lo ìbéèrè kan náà fáwọn méjèèjì, kí n ṣáà ti fi "kíláàsì" rọ́pò "ìsọ̀"?

Sùúrù_Lérè
Gbogbo ẹ̀ ni kó o yọ jàre. Àgbà kì í dáhùn ọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń dán wò. Gbé rẹ̀kọ́dà kalẹ̀, sọ pé "Màmá, ẹ sọ ìtàn ayé yín fún mi", kó o wá panu mọ́. Ohun tó bá wà nínú wọn á jáde fúnra ẹ̀. Bébà tó o gbé sọ́wọ́ yẹn, ẹ̀rù ló máa dá bà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Àdúgbò
Kú oríire o àbúrò. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí ló mú ẹ wá iṣẹ́ síbẹ̀, má sọ̀rọ̀ owó o. Tètè débẹ̀, kó o wọ aṣọ tó mọ́, kó o sì máa wo ojú ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Àrẹ̀mú_Onítàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o, àmọ́ èmi ni mo fẹ́ bi èèyàn ní ìbéèrè 😂 Iṣẹ́ kọ́ ni mò ń wá.

Ìyá_Àkójọ
Sùúrù_Lérè, ìdajì ọ̀rọ̀ yín lòótọ́. Òótọ́ ni pé kò yẹ kó máa ka bébà sí wọn létí. Àmọ́ "ẹ sọ ìtàn ayé yín", mo ti gbọ́ ohun tó máa ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ nínú téèpù tó pọ̀ gan-an níbi tí mo ti ń ṣètọ́jú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. "Wọ́n bí mi, mo dàgbà, mo ta aṣọ, mo bímọ, mo dúpẹ́." Ó tán, ìṣẹ́jú 5 ò tíì pé, ẹni tó lọ bá wọn wá ń wo rẹ̀kọ́dà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn tí wọ́n ti ń sọ níbi gbogbo, tí gbogbo ọmọ ilé ti mọ̀ lórí, ni wọ́n máa tún sọ fún un. Ìtàn yẹn ti dán, kò sí ibi téèyàn lè fi ọwọ́ kàn nínú ẹ̀ mọ́.

Àrẹ̀mú, má gé ìbéèrè, tò ó pa pọ̀ ni. Mú bí ọ̀rọ̀ 7 tàbí 8: ilé tí wọ́n ti dàgbà, bí wọ́n ṣe kọ́ òwò, ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n fúnra wọn rà, ọjọ́ kan lọ́jà, àwọn oníbàárà, ìgbà tí nǹkan le, bí wọ́n ṣe fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí yóò ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀, kó o wá kọ nǹkan mẹ́ta mẹ́rin sísàlẹ̀ tó ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láì gbọ́. Wọn kì í ṣe gbólóhùn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lásán ni: "ẹni tó kọ́ wọn", "owó àkọ́kọ́", "àṣìṣe". Tí wọ́n bá ti fẹnu ara wọn sọ ọ́, o fàlà sí i, o ò bi wọ́n mọ́. Wákàtí kan àbọ̀ á gbé bíi mẹ́rin nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà 47 ò lè ṣẹlẹ̀ rárá àfi tó o bá fẹ́ máa dá wọn lẹ́nu kọ́.

Ní ti àwọn tó o kọ síbí:

"Ṣé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín?" Kí lo rò pé wọ́n á sọ fún ọmọ àlejò tó wá kí wọn? Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè tó bá ti fi "ṣé" bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń bí. Sọ pé "Màmá, ẹ mú mi rìn nínú ọjọ́ kan lọ́jà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń dá tà, látìgbà tẹ́ ẹ bá jí títí dìgbà tẹ́ ẹ bá padà sílé." Àmọ́ fetí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀ o. Ìdáhùn á kọ́kọ́ wá pẹ̀lú "a máa ń", a máa ń jí, a máa ń palẹ̀ mọ́, a máa ń kí ara wa. "A máa ń" yẹn, àkópọ̀ ọdún rẹpẹtẹ ni, kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kó o wá ní "Ẹ rántí ọjọ́ kan pàtó tí kò lọ bó ṣe máa ń lọ." Ibẹ̀ lohùn wọn ti máa yí padà.

"Kí ló dé tẹ́ ò fi lọ síléèwé?" Yọ "kí ló dé" kúrò ńbẹ̀ pátápátá. Ó dà bíi pé ò ń bá wọn wí, wọ́n á sì máa gbèjà àwọn òbí wọn fún ẹ. Gbé e gba ibòmíì: "Nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, báwo ni wọ́n ṣe ń pinnu nílé yín pé lágbájá á lọ síléèwé, làkáṣègbè á lọ sọ́jà?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ kò sẹ́ni tí wọ́n nawọ́ sí.

"Ṣé ọjà tà láyé ìgbà yẹn ju ti ìsìnyí lọ?" O ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Àgbàlagbà wo lẹ bi tí ò ní sọ pé ayé àtijọ́ dáa jù? Bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ọjà tà jù lọ tí wọ́n rántí, kó o sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n palẹ̀ mọ́ láì ta nǹkan kan. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì á fúnra ẹ̀ mọ èwo ló dáa jù.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ìbéèrè mẹ́ta ni. Ti ìjọba tó kẹ́yìn ni wọ́n máa dáhùn, torí òun ló ṣì wà létí wọn. Ti olórí ọjà á sọnù, ìwọ náà ò sì ní mọ̀ pé ó sọ nù àfi lọ́jọ́ tó o bá ń kọ ọ́ jáde látinú rẹ̀kọ́dà.

Kọ̀lọ́fín_Ìròyìn
Oníròyìn lèmi, ẹ̀yin ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n pa ara yín. Ìbéèrè tó le jù ni kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n, nígbà tí ara wọn ṣì yá. Gbèsè, ìjà láàárín àwọn ọlọ́jà, ẹni tó rẹ́ wọn jẹ. Tó bá ń fi ilé tí wọ́n ti dàgbà ṣeré, kó tó débi ọ̀rọ̀ gidi, wọ́n á ti ní ó ti rẹ àwọn. Mo ti rí i lójú ara mi kì í ṣẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá_Àkójọ
Ẹ̀yin lẹ nílò gbólóhùn kan tó máa jáde nínú ìròyìn alẹ́, ẹ tọ̀nà fún iṣẹ́ tiyín. Òun ní wákàtí mẹ́ta lápapọ̀, ẹni tó máa gbọ́ ọ lè má tíì bí. Ẹni tó bá fi gbèsè bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n bá fún un ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ẹnu wọn á máa ṣọ́ títí tí yóò fi kúrò. Ọ̀rọ̀ tó le, ìjókòó kejì ni mo máa ń fi sí, lẹ́yìn tí ìdajì àkókò bá ti lọ, kó sì ku bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n á fi sọ nǹkan tó tura kó o tó dìde. Wọn kì í ṣí ọgbẹ́ ẹni sílẹ̀ kí wọ́n máa kó wáyà lọ.

Kọ̀lọ́fín_Ìròyìn
Tí ìjókòó kejì ò bá wáyé ńkọ́? Ẹni tó ti lé lẹ́ni 70. Ara lè má le, ọmọ lè ní àwọn ò fẹ́ mọ́. Èmi ò ní dúró de ẹ̀ẹ̀kejì láyé yìí.

Ìyá_Àkójọ
Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí wúwo, mi ò ní já a nírọ́. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní gbà kó fi gbogbo ìjókòó àkọ́kọ́ ṣe ti ọmọdé. Kó débi ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n rà fúnra wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó kéré tán. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí náà ti rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí àgbàlagbà rántí. Tí kò bá ṣọ́ra, ibẹ̀ ni wọ́n á fi gbogbo wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, torí ibẹ̀ ló dùn jù.

Ọmọ_Ọjà_Gidi
Mo ń ta aṣọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ọjà. Ìbéèrè èrè yẹn, màmá yẹn ò ní dáhùn ẹ láéláé, tí wọ́n bá sì dáhùn, irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ. Kò sí ọlọ́jà tó ń sọ èrè fún ẹni tí kì í ṣe alábàáṣe ẹ̀. Wọ́n á ní "à ń jẹ, à ń mu, a dúpẹ́". Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń fi pa mọ́ fún ẹ nìkan, ọ̀pọ̀ wa ò fi oṣù ka èrè. Owó wọlé láàárọ̀, a fi ra ọjà lọ́sàn-án, a yọ owó oúnjẹ nínú ẹ̀, ta ló ń jókòó kà á lóṣooṣù bí òṣìṣẹ́ ìjọba?

Tó o bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó, bi wọ́n léèrè àwìn. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí wọ́n lè tà fún láwìn? Ibo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìwé ni àbí orí? Tẹ́nì kan ò bá san ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe? Ibẹ̀ ni wàá ti mọ gbogbo bí òwò wọn ṣe ń rìn, wọn ò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó làwọn ń sọ. Kó o tún bi wọ́n léèrè pé nígbà tí owó òwò fi tán, báwo ni wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀? Kò sí ọlọ́jà tó pẹ́ nídìí ẹ̀ tí owó òwò ò tán mọ́ lọ́wọ́ rí. Ayé tiwa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe pín, ṣáájú ìgbà tí owó run àti lẹ́yìn ìgbà tí owó run, kì í ṣe ọdún báyìí sí ọdún báyìí.

Nǹkan kejì, má fẹnu nìkan bi wọ́n. Ní kí wọ́n gbé aṣọ kan sọ́wọ́. Ẹni tó bá ti tà á pẹ́, ọwọ́ ẹ̀ mọ ohun tí ẹnu ẹ̀ ò lè sọ. Èmi ti rí ìyá kan tí wọ́n kan ìṣó méjì sétí tábìlì wọn, àárín méjèèjì jẹ́ yáàdì kan géérégé, wọ́n á na aṣọ láti ìṣó sí ìṣó, àtàǹpàkò á tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì kúrò lẹ́nu wọn. Igi tábìlì yẹn ti jẹ wọnú níbi tí àtàǹpàkò ń tẹ̀. Tó o bá bi ẹni bẹ́ẹ̀ pé "báwo lẹ ṣe ń wọn aṣọ?" á ní "a kàn ń wọ̀n ọ́n ni". Àmọ́ tó o bá ní "Màmá, ẹ wọn yáàdì mẹ́ta fún mi kẹ́ ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe", wàá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá aṣọ tó máa sún kì mọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ lé e fún ẹni tó ń ra púpọ̀, àti àwọn tó máa ń fà á le nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n kó lè gùn lójú.

Àrẹ̀mú_Onítàn
Áà, ti ìṣó yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé kí n kúkú lọ gba ohùn náà sílẹ̀ ní ìsọ̀ nìyẹn?

Ọmọ_Ọjà_Gidi
Ó tì o! Ariwo, oníbàárà á dé, wọ́n á dìde, ará ìsọ̀ kejì á dá sí i. Wọn ò tiẹ̀ ní lè sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ torí etí pọ̀.

Ìyá_Àkójọ
Lọ síbẹ̀ láì gbé rẹ̀kọ́dà, kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Jókòó tì wọ́n, wo ohun tọ́wọ́ wọn ń ṣe, kọ orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi á ti jáde. Lẹ́yìn náà, gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, kó o ní kí wọ́n gbé ìwé àwìn àtijọ́, ọ̀pá yáàdì, tàbí fọ́tò ìsọ̀ wá sílé. Tí wọ́n bá nawọ́ sí nǹkan, ìwọ fẹnu sọ ọ́: "ẹ ń nawọ́ sí ẹni tó dúró lápá òsì nínú fọ́tò yìí, ta ni?" Rẹ̀kọ́dà ò lójú.

Ọmọ_Tíṣà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti tíṣà nítorí bàbá mi ni mo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, tíṣà sì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Rárá o, ìbéèrè kan náà ò lè ṣiṣẹ́. Ìyá ọlọ́jà lè sọ̀rọ̀ kéré jù, tíṣà á sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á sì máa jáde bí ìwé ìròyìn ọdọọdún. Mo ní "Bàbá, báwo niṣẹ́ tíṣà ṣe rí nígbà yẹn?" Wọ́n ní "Ètò ẹ̀kọ́ láyé ìgbà náà gún régé, ìbáwí wà, ìwà ọmọlúàbí wà." Ìyẹn wà lórí rẹ̀kọ́dà fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ọmọ iléèwé kan ṣoṣo nínú ẹ̀! Wọ́n tiẹ̀ ń tún ìbéèrè mi ṣe fún mi, wọ́n ní "bó ṣe yẹ kó o gbé e kalẹ̀ nìyí".

Ohun tó gbà á lọ́wọ́ wọn ni pé mo fi wọ́n sínú kíláàsì. "Bàbá, ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dá dúró níwájú àwọn ọmọ, ibo lẹ dúró? Kí lẹ kọ́kọ́ kọ sójú pátákó? Àwọn wo ló jókòó síwájú, àwọn wo ló sì máa ń sá lọ sẹ́yìn?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ àwọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ déètì, ọmọ kan sì rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn bá a wí àbí kí àwọn náà rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Wàhálà kejì ni "o ṣáà mọ̀". Torí ọmọ wọn ni mí, gbogbo nǹkan ni "o ṣáà mọ bó ṣe rí nígbà yẹn". Mo wá ń sọ pé "Bàbá, ẹni tó máa gbọ́ ọ ní láíbìrì ò mọ̀ ọ́n o, òun ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún." Ó ṣiṣẹ́.

Sùúrù_Lérè
Àmọ́ ti tíṣà, wàá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹgba o. Àwọn tó nà wá nígbà yẹn ò gbọ́dọ̀ lọ láì dáhùn.

Ọmọ_Tíṣà
Tó o bá gbé e wá bí ẹjọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn. Gbólóhùn méjì ni mo lò. Àkọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń béèrè: "Àwọn tíṣà kan sọ pé láìsí ẹgba, àwọn ò lè darí kíláàsì tó kún, àwọn kan sì sọ pé àwọn ò fi kan ọmọ rí." Ìkejì ni ìbéèrè: "Báwo ló ṣe rí ní kíláàsì tiyín?" Ilẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí sílẹ̀, èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ń dárúkọ ọmọ tí wọ́n nà, tọ́mọ yẹn sì wà láyé, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Ìyá_Àkójọ
Ọmọ tí wọ́n nà, ajẹgbèsè tí màmá aláṣọ dárúkọ, ọ̀kan náà ni. Àwọn yẹn ò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìwé àṣẹ, jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tún bi wọ́n lẹ́yìn ìjókòó tó kẹ́yìn pé apá wo ni wọn ò fẹ́ káráyé gbọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnu òun máa sọ kó tó sọ ọ́. Wọ́n lè ti apá yẹn pa fún iye ọdún tí wọ́n bá fẹ́.

Ó tún kù díẹ̀ lórí ti tíṣà. Ọdún ò ní jẹ́ ìṣòro fún wọn, táàmù, ìdánwò, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti lẹ́tà ìgbéniláti-iléèwé-kan-sí-òmíràn ló pín ayé wọn, wọ́n sì lè fi bébà hàn ẹ́. Fún màmá, má bi wọ́n ní ọdún. Bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wọlé ọkọ nígbà náà, ọmọ wo ló wà lẹ́yìn wọn. Ìwọ náà á ṣírò ẹ̀ tó o bá délé.

Àrẹ̀mú_Onítàn
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ọdún yẹn gan-an ni mo fẹ́ bi yín. Ọmọ wọn ti sọ fún mi pé màmá máa ń sọ pé ọdún tí ọjà jóná ni wọ́n gba ìsọ̀ tiwọn. Mo lọ wo ìwé àtijọ́, iná yẹn ti ṣẹ̀ ṣáájú ọdún tó wà lórí rìsíìtì ìsọ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀kọ́dà, kí ni kí n ṣe?

Kọ̀lọ́fín_Ìròyìn
Sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí nìwúlò ìtàn tí déètì ẹ̀ ò pé?

Ìyá_Àkójọ
Má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ìlú Terni ní Ítálì, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin kan tó ń jẹ́ Luigi Trastulli kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́dún 1949, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jáde ta ko bí orílẹ̀-èdè wọn ṣe fẹ́ wọ ẹgbẹ́ NATO. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Alessandro Portelli wá ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ikú ọ̀hún sí 1953, ìgbà tí iléeṣẹ́ yẹn lé òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ tí wàhálà sì bẹ́ sílẹ̀. Ọdún yẹn ò tọ̀nà, ìwé ìròyìn wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí àṣìṣe yẹn fi hàn ni pé 1953 ló dun wọ́n jù, ibẹ̀ ni ikú yẹn ti nítumọ̀ sí wọn. Ká ní ó ti dá wọn lẹ́kun, kò ní mọ̀.

Torí náà, jẹ́ kí màmá sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn ẹ̀ kó o ní "Ẹ sọ bí iná yẹn ṣe kan bẹ́ ẹ ṣe rí ìsọ̀ gbà." Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ìsọ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè dìde mọ́ lẹ́yìn iná, tí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó yá. Nígbà náà "ọdún iná" kì í ṣe irọ́. Tó o bá sì fẹ́ mú rìsíìtì jáde, ìjókòó kejì ni, kó o fi hàn wọ́n bí nǹkan tó o fẹ́ kí wọ́n bá ẹ kà, kì í ṣe bí ẹlẹ́rìí ilé ẹjọ́. Kọ déètì tó pé sínú ìwé tí wàá fi tẹ̀ lé fáìlì náà, má fọwọ́ kan ohùn wọn.

Ọmọ_Ọjà_Gidi
Èmi rò pé ìsọ̀ tó jóná ni wọ́n rà lówó pọ́ọ́kú, tí wọn ò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bi wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́.

Àrẹ̀mú_Onítàn
Ó ga o 😅 Mo ti tún un tò. Ìjókòó kìíní: ilé, bí wọ́n ṣe kọ́ òwò, ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n fowó ara wọn rà, ọjọ́ kan lọ́jà. Ìkejì: fọ́tò àti ìwé àwìn, ìsọ̀ àti iná, ìgbà tí owó òwò tán, bí ọmọ ṣe gbà á. Mo máa fi "Kí ni mi ò bi yín tó yẹ kí n bi yín?" parí ẹ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú?

Ọmọ_Tíṣà
Fún tíṣà, má dán an wò. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi, wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé eléwé mẹ́jọ, wọ́n sì kà á fún mi láti òkè délẹ̀.

Ìyá_Àkójọ
Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ ni kó o fi tó wọn létí, má fi ìbéèrè ránṣẹ́. Tí màmá bá mọ̀ pé ẹ máa sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n kọ́ òwò, wọ́n á ti máa wá fọ́tò.

Sùúrù_Lérè
Èmi ò ní sọ nǹkan kan fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ lójijì ló máa ń dùn.

Ọmọ_Ọjà_Gidi
Ìbéèrè ìparí yẹn, "kí ni mi ò bi yín", wọ́n á ní "kò sí o, o ti ṣe dáadáa". Dípò ìyẹn, sọ pé o fẹ́ máa palẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n má tíì pa rẹ̀kọ́dà, jẹ́ kí wọ́n rí i pé iná ẹ̀ ṣì ń tàn. Ìgbà téèyàn bá ń dìde lọ lọ́jà ni ọ̀rọ̀ gidi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọn ńkọ́, ṣé ó máa jókòó tì wọ́n?

Àrẹ̀mú_Onítàn
Ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ o. Ó ní kí màmá má lọ máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ.

Ìyá_Àkójọ
Á! Bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò, torí òun náà á rántí orúkọ tí màmá gbàgbé.

Ọmọ_Ọjà_Gidi
Kò ní gbà. Òun ló ń jókòó nínú ìsọ̀ yẹn báyìí, àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè nígbà náà, ọmọ wọn ló ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ lọ bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ ná, kó o tó bá màmá jókòó.